Ohun Tí Àbúrò Mi Bi Àwọn Ẹlẹ́ran Dídì

Inú ti ń bí mi kí àbúrò mi tó kà dé ìlà kejì. Iṣẹ́ fíríìjì títúnṣe ló kọ́, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ẹran dídì kiri sì fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lọ́jọ́ kejì. Ọdún tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ àti orúkọ olùdásílẹ̀ ló ń há sórí bí ọmọ iléèwé.

"Dákẹ́ jàre! Ṣé olùdásílẹ̀ lo fẹ́ tún ṣe ni? Bó o ṣe kà á fáwọn ilé-iṣẹ́ tọjọ́sí nìyẹn, tí wọ́n ní kó o máa lọ sílé. Àbí ilé mi lo fẹ́ darúgbó sí?"

Mo fa àga, mo jókòó tì í. Mo ní kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè nínú ìpolówó iṣẹ́ náà, kó sì kọ iṣẹ́ tó ti ṣe rí tó bá a mu sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó wá ka ìròyìn tó jáde nípa wọn lẹ́nu àìpẹ́ yìí, kó sì wo ohun táwọn oníbàárà ń sọ, torí kò sẹ́ni tí í bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà ara rẹ̀.

Àṣé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń ráhùn pé ẹran máa ń rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ náà sì ti polówó iṣẹ́ yìí kan náà léraléra lọ́dún yìí.

"Màá bi wọ́n bóyá ojú ń ti wọ́n," ni àbúrò mi wí.

"O ò ní bi wọ́n bẹ́ẹ̀! Bi wọ́n bí ẹni tó fẹ́ bá wọn tún un ṣe."

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀, ní pálọ̀ mi. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ọ̀gá wọn bi í pé kí ló mọ̀ nípa àwọn.

"Mo kà pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibùdó tuntun, sà, ọkọ̀ yín á máa rìn jìnnà sí i. Àwọn oníbàárà sì ní ẹran ń rọ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló ti gbó, tí ooru ń wọlé. Ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Inú ọ̀gá dùn. Ó ní ẹni táwọn ń wá nìyí, ó sì ní kó béèrè tiẹ̀.

"Kí ló dé táwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú fi lọ, sà?"

"Wọ́n máa ń dá ọkọ̀ dúró pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Èmi ò fẹ́ ìyẹn. Tí ẹran bá rọ̀, a ó tún un dì."

"Àwọn tó máa jẹ ẹ́ ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ ẹ."

Gbà á, gbà á, ni mò ń wí nínú mi. Mo fẹ́ kó ríṣẹ́ bí ẹni fẹ́ kú.

"Ẹ ṣeun, sà. Mi ò ní lè ṣe é."

Èébú ti wà lẹ́nu mi kó tó pa kọ̀ǹpútà dé. Ló bá wò mí. "Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn náà ló ń ta adìyẹ tẹ́ ẹ máa ń rà?"

Mo ṣí fíríìsà mi. Orúkọ wọn wà gàdàgbà lára ọ̀rá adìyẹ táwọn ọmọ mi ń jẹ láti ìjelòó. Mo jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, mo sì da gbogbo èébú tí mo tò sílẹ̀ fún àbúrò mi lé wọn lórí.