Aṣọ Kẹrin Ọdún Náà

Agolo wàrà méjì ló wà lábẹ́ ibùsùn mi ní Bantè lọ́dún 1988. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì fáránkì wà nínú ọ̀kan, nítorí dókítà ní Savalou ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbẹ̀bí Olúbísí ọmọ mi. Èkejì jẹ́ ti ìnáwó ọ̀rẹ́: ìyàwó, ìsìnkú, aṣọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ni mo dá sí i fún ọdún kan gbáko. Tó bá tán, ó tán. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Aṣọ mẹ́ta ni mo ti rà títí oṣù kẹsàn-án. Nínú oṣù kẹwàá, Rissikatou, ọ̀rẹ́ mi, gbé aṣọ ẹgbẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ Houlératou wá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ̀rún méjì péré ló kù nínú agolo. Ojú tì mí láti kọ̀ ọ́, mo jẹ́ kí aṣọ náà sùn sílé. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni! Láàárín wa, aṣọ tó bá sùn sílé rẹ, o ti gbà á.

Láàárọ̀ mo gbé e padà.

“Ìyá Houlératou, ẹ má bínú. Owó ìnáwó tèmi ti tán lọ́dún yìí. Màá wá pọnmi, màá wá dáná.”

Kò fọwọ́ kan aṣọ náà, mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ìyá Olúbísí, mo ti gbọ́,” ló sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa lẹ́nu kànga, omi wọn ni wọ́n ń wò.

Àárọ̀ ọjọ́ ìyàwó gan-an ni ìrọbí mú Olúbísí, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí àkókò rẹ̀. Obìnrin tó ń yí nílẹ̀ kò ṣeé gbé sórí alùpùpù. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò, bàṣé akẹ́rù ti Affissou, ọkọ Rissikatou, tó fẹ́ fi kó àlejò. Mo sáré débẹ̀, mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Affissou ti mú kọ́kọ́rọ́. Rissikatou gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó gbé aṣọ náà jáde.

“Ọkọ̀ ìyàwó ni. Ẹni tó bá ró aṣọ ìyàwó ló ń wọ̀ ọ́.”

Kò sẹ́ni tó bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo tú owó iṣẹ́ abẹ tí mo dì mọ́ ìgbàdí, mo ka ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án sí i lọ́wọ́, mo ró aṣọ náà níbẹ̀. Affissou sì gbé wa lọ.

Ní Savalou, nọ́ọ̀sì kọ oògùn tí mo gbọ́dọ̀ rà kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì. Mo ní owó mi kò pé, mo ń sunkún. Ó wo aṣọ tuntun tó ń dán lára mi.

“Ìyá, ẹ lọ mú owó wá,” ló wí.